Ìdí tí adájọ́ fi gba béèlì ni kó o kọ́kọ́ kà

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, àbúrò bàbá mi ní kí n wá dúró fún òun ní kọ́ọ̀tù, lọ́yà wa ti fi ohun tí adájọ́ sọ ránṣẹ́ sí mi. Ibo gan-an ni kí n wò níbẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i?"

Àbúrò mi, wá ibi tí adájọ́ ti sọ ìdí tó fi gbà, torí ibẹ̀ làwọn kọ̀ndíṣọ̀n ti ń jáde. Jẹ́ ká fi ti Nnamdi Kanu wò ó, torí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹrin 2017, Adájọ́ Binta Nyako ti kọ́ọ̀tù gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá gba béèlì ẹ̀ torí àìsàn, ó ní ìtọ́jú tó nílò ju èyí tó lè rí lọ́gbà ẹ̀wọ̀n lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́, kò gba tiwọn, ó ní ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n wúwo. Torí àìsàn Kanu yẹn ló ṣe ní kí wọ́n máa mú ìròyìn ìlera ẹ̀ wá sí kọ́ọ̀tù lóṣooṣù. Ó tún ní kó mú onídùúró mẹ́ta wá, mílíọ̀nù 100 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: sẹ́nétọ̀ kan, aṣáájú ẹ̀sìn Júù kan, àti ẹni iyì kan tó ń gbé Ábújá tó sì nílé tàbí ilẹ̀ níbẹ̀. Kó fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bá oníròyìn sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ wà láàárín èrò tó ju mẹ́wàá lọ. Ìgbẹ́jọ́ wá di 11 àti 12 oṣù keje.

Mílíọ̀nù 100 yẹn, wọn ò ní kẹ́nikẹ́ni kó o sílẹ̀ lọ́jọ́ náà o, ìwé ni wọ́n fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kanu ò yọjú sí kọ́ọ̀tù mọ́, ní 2018 adájọ́ ní káwọn onídùúró lọ san án. Iye tó bá wà nínú ìwé tìẹ, bi ara ẹ bóyá o lè san án.

Èmi dúró fún àna mi ní kọ́ọ̀tù májísíréètì n'Íbàdàn. Ẹni tí kọ́ọ̀tù rán wá wo ilé mi kọ́kọ́ béèrè mi lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ tó wà níwájú ilé kó tó kanlẹ̀kùn, ó wá yẹ ìwé ilẹ̀ mi wò bóyá orúkọ ibẹ̀ bá ti káàdì mi mu, gbogbo ìgbà yẹn àna mi ṣì wà látìmọ́lé torí béèlì tí wọ́n gbà ò tíì pé.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ ló ń kó onídùúró sí wàhálà jù. Lọ́jọ́ kan májísíréètì ò jókòó, àwọn èèyàn ń lọ sílé, mo lọ bá rẹjísítírà kó fún wa lọ́jọ́ tuntun, mo sì ní kí àna mi fetí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹlòmíì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ò béèrè, kò wá nígbà tí wọ́n pè é, kọ́ọ̀tù kọ wọ́ráǹtì, onídùúró ẹ̀ lọ́lọ́pàá kọ́kọ́ lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀.

Tí kọ̀ndíṣọ̀n yẹn bá ju agbára yín lọ, ẹ má lọ háyà onídùúró lẹ́nu géètì kọ́ọ̀tù. Kí lọ́yà kọ̀wé padà sọ́dọ̀ adájọ́ kan náà pé kó dín in kù, kó sì so ẹ̀rí mọ́ ọn pé apá yín ò ká a.