Ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra, kí ni kí n sọ?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú wa níbí ní Èkìtì. Níbi ìkówójọ tí a ṣe fún gbọ̀ngàn ìlú, èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Ojú ewé méjì lẹ̀ mọ́ra, mo sì fo ibi tí mo ti fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti dáwó ṣáájú. Nígbà tí mo rí i, ọkàn mi pòrúurùu, n kò mọ ibi tí mo dé mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ pé “ẹ má bínú.” Ṣé ọ̀rọ̀ kan wà tí èèyàn lè kọ sílẹ̀ ṣáájú, tó kàn máa sọ bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀?*

Ó wà, Ìyá Akọ̀wé. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́jọ́ náà, oògùn kan náà kò sì wo méjèèjì. Ẹni tí kò mọ ibi tó dé mọ́, àsìkò díẹ̀ ló ń wá tó máa fi rí ojú ìlà rẹ̀. Ẹni tó fo nǹkan mọ ibi tó wà. Ohun tó kù fún un ni kó pinnu bóyá òun máa padà tàbí òun máa lọ.

Ti àkọ́kọ́ ló rọrùn jù. Gbólóhùn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni èyí tó máa dá yín padà sórí ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn. Ohun tí mo kọ sórí káàdì tí mo máa ń mú lọ sóde ni: “Ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn sọ, kó lè wọlé dáadáa.” Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, mo máa tún gbólóhùn tí mo sọ kẹ́yìn sọ, díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó jókòó á rò pé mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lọ́dọ̀ èmi, gbólóhùn yẹn ló ń fa èyí tó tẹ̀ lé e jáde, bí ìlà orin kan ṣe ń fa ìkejì.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà sọ ọ́ ló ṣòro. Ẹ gbójú sókè, ẹ wo àwọn èèyàn, ẹ sọ gbólóhùn yẹn parí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó panu dé, kí ẹ wolẹ̀, kí ẹ fi ìka wá ibi tí ẹ dé lórí ìwé. Ẹ má ṣe máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń wá a. Ojú tó ń kàwé àti ẹnu tó ń sọ nǹkan mìíràn kì í bára wọn ṣe, ibẹ̀ sì ni “ẹẹẹn, ẹẹẹn” ti ń jáde. Ẹ ka ọ̀kan dé mẹ́rin nínú ọkàn yín. Lójú ẹ̀yin tí ẹ di máíkì mú, ó máa dà bí odindi ọjọ́ kan. Lójú àwọn tó jókòó, ẹ kàn mí ni.

Tí ẹ kò bá wá rántí gbólóhùn ìkẹyìn náà ńkọ́? Káàdì yín gbọ́dọ̀ ní ìkejì: “Nínú gbogbo ohun tí mo bá yín sọ, ẹ má gbàgbé ọ̀kan yìí o.” Lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ kókó ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sílẹ̀ pátá, kí ẹ má ṣe gbọ́kàn lé orí yín láti rántí rẹ̀. Ti yín ì bá jẹ́: “Gbọ̀ngàn yìí kì í ṣe ti ẹnì kan, tọmọ tàgbà ló máa lò ó.” Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má padà sí àárín ibi tí ẹ ti sọnù, ẹ lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpín tó kàn. Gbólóhùn yìí kò ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóde kan. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀, àwọn èèyàn á ti fura.

Bí onílù bá wà lóde, ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́ ṣáájú. Tí mo bá gbé ọwọ́ òsì sókè, kó fi ìlù kí Kábíyèsí tàbí alága ọjọ́ náà fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tí ẹ kò bá bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú, yóò lù ú títí owó á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ẹ̀yin náà á sì di ẹni tó ń jó lórí ọ̀rọ̀ tí kò tíì parí. Ní ti pípariwo “Èkìtì kete!” lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, gbogbo wa la ti mọ̀ pé ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọnù.

“Ẹ má bínú” kò burú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darí ètò, níbi ìnáwó òkú kan ní Ìkẹ́rẹ́, mo sọ sínú máíkì pé, “Ẹ forí jì mí, ibi tí mo dé ti sọnù mọ́ mi lọ́wọ́.” Ọ̀gbẹ́ni kan láti ẹ̀yìn ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè!” Gbogbo abẹ́ tẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà títí mo fi parí, ìwé ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ẹnu mi mọ́. Àforíjì tí ẹ kò nílò ló ń sọ fún èèyàn pé àṣìṣe wà tó yẹ kó máa wá.

Ó kan ìpín tí ẹ fò. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: ṣé ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí máa yé wọn láìsí ibi tí mo fò? Ṣé ẹnì kan wà lóde yìí tó ń retí ibẹ̀? Bí ó bá yé wọn, tí kò sì sí ẹni tó ń retí rẹ̀, ẹ máa lọ, ẹ má sọ nǹkan kan. Àwọn tó jókòó kò mọ ohun tó wà nínú ìwé yín, àfi tí ẹ bá ti pín in fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yín yẹ̀ wò. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe sábà máa ń tò ni pé ẹ kí Kábíyèsí àti àwọn àlejò, ẹ sọ bí iṣẹ́ gbọ̀ngàn ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti dáwó, ẹ sọ iye tí a ti ná àti ohun tó kù, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún owó, ẹ sì gbàdúrà. Ìpín kẹta ni ẹ fò. Ó yé ènìyàn láìsí i, nítorí iye owó kò gbé ara lé orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó dáwó jókòó síwájú, wọ́n ń gbọ́ orúkọ tí kò jáde. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà, àmọ́ kì í ṣe ojú ẹsẹ̀. Ibi tó bá a mu jù ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀bẹ̀: “Kí n tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe tiwọn.” Ẹ ka orúkọ wọn níbẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀bẹ̀. Kí n sọ tòótọ́, ó dára níbẹ̀ ju ibi tí ẹ fi í sí tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ orúkọ aládùúgbò rẹ̀ máa ń tètè tọwọ́ bàpò.

Ẹ ṣàkíyèsí pé gbólóhùn náà kò sọ pé ẹ gbàgbé. Kò sì purọ́. Àwọn kan máa ń ní “mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí sẹ́yìn ni,” n kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá yín tẹ ìwé náà jókòó síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ àdúrà ni ẹ ti ń gbà nígbà tí ẹ rántí, ẹ ṣì lè sọ pé: “Àdúrà yìí, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ àwọn kan sí i.” Tí ẹ bá ti jókòó, ẹ má dìde lọ gba máíkì. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí bébà kékeré, ẹ fi rán ẹnì kan sí adarí ètò, òun ló máa mọ àyè tó máa fi í sí.

Ibi méjì ni ẹ kò gbọ́dọ̀ ti dọ́gbọ́n rárá. Èkíní ni owó. Bí ẹ bá fo ojú ewé tí iye kan wà, tàbí tí ẹ ka iye tí kì í ṣe òun, ẹ sọ gbangba pé: “Mo fẹ́ ṣàtúnṣe sí iye tí mo kà. Iye tó tọ́ rèé.” Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Owó ìlú tí a fọgbọ́n tún sọ, ìjà ló ń bí.

Èkejì ni ọba. Ẹ lè fo alága, kí ẹ sì kí i tó bá yá, ṣùgbọ́n adé kì í dúró de ẹ̀bẹ̀ owó. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ fo Kábíyèsí kan, ẹ dúró níbi tí ẹ wà, kódà láàárín gbólóhùn. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sọ pé: “Kábíyèsí, ọmọ yín ló ṣi ẹsẹ̀ gbé, mo kúnlẹ̀, mo tún kí i yín.” Ẹ dárúkọ oyè náà gan-an, ìbáà ṣe Ewì, Ògògà tàbí Àjerò (n kò tò wọ́n o, mo kàn dárúkọ wọn ni). “Àti àwọn ọba wa yòókù” kò tún un ṣe. Bí ọba bá ju ọ̀kan lọ lóde, ẹ má fi orí ara yín tò wọ́n, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wá láti ààfin kí ètò tó bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo gbólóhùn wọ̀nyí kò ní lè ràn yín lọ́wọ́ bí ìpín tó kàn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “nítorí náà,” “àwọn wọ̀nyí” tàbí “owó yìí.” Bí ẹ bá fò dé ibẹ̀, gbogbo èèyàn á mọ̀, torí kò sí “owó” kankan tí ẹ ti dárúkọ. Ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ ìpín kọ̀ọ̀kan kọ kó lè dá dúró: “Owó tí a ti ná lórí gbọ̀ngàn” ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe “owó yìí.” Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sí ojú kan ìwé ṣoṣo, ẹ fi nọ́ńbà ńlá sí igun òkè, kí ẹ sì tún ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó parí ojú ewé kan kọ sí orí èyí tó kàn. Bí wọn kò bá bára mu, ojú yín á ti rí i kí ẹnu tó kà á.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ fún ọmọ kan nílé ní ìwé yẹn, kó yọ ojú ewé kan kúrò láìsọ fún yín. Ẹ wá dìde dúró, kí ẹ kà á sókè pẹ̀lú káàdì yín lọ́wọ́.