Ẹnu Àtijọ́ Ni Kó Kéde Orúkọ Tuntun

*Aǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní n'Íbàdàn. Ọdún méje ni èmi àti ẹnì kan fi jọ ṣe é, orúkọ àwa méjèèjì la so pọ̀ tí a fi pe ilé-iṣẹ́ náà. Ó ti ta ìpín tirẹ̀ fún mi, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Mò ń kó láti Mókọ́lá lọ sí Òkè-Àdó lóṣù tó ń bọ̀, orúkọ máa yí padà, nọ́ńbà fóònù náà máa yí padà, torí orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi forúkọ síìmù yẹn sílẹ̀. Àwọn tí mò ń bá ṣòwò tó 300. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá kéde mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ní mo jẹ gbèsè sá ni, tàbí kí wọ́n rò pé oní-gbájúẹ̀ ló kọ̀wé. Báwo ni kí n ṣe é?*

Àbúrò mi, ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ní ìdí. Ìwé tó bá ní "a ti yí orúkọ padà, a ti kó, nọ́ńbà tuntun wa rèé" jọ ìwé àwọn oní-gbájúẹ̀ bí ìbejì ṣe ń jọra. Wọ́n á kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́, kó lè jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni ẹni tó bá fẹ́ wádìí máa pè. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á ní àkáǹtì náà ti yí padà. Nítorí náà, ohun tí àwọn oníbàárà rẹ ti mọ̀ ni kó máa sọ ohun tí wọn ò tíì mọ̀ fún wọn. Nọ́ńbà àtijọ́ ni kó kéde nọ́ńbà tuntun, ímeèlì àtijọ́ ni kó kéde orúkọ tuntun, kí ohunkóhun tó jẹ mọ́ owó má sì yí padà nínú ìwé náà rárá.

Orúkọ ni kí o kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló ń pẹ́ jù. Bí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bá fọwọ́ sí i pé o lè lo orúkọ tuntun, wọ́n kàn fi pamọ́ fún ọ fún 60 ọjọ́ ni, kò tíì di tìẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rí ìwé yẹn tí wọ́n á sáré lọ tẹ páálí ojúde àti káàdì. Ìwé-ẹ̀rí tuntun tí CAC bá fún ọ lẹ́yìn ìpinnu àkànṣe ilé-iṣẹ́ ló ń sọ orúkọ náà di tìẹ, kí ó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má kéde. Nọ́ńbà RC, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ, kì í yí padà, gbèsè tí wọ́n jẹ ọ́ àti àdéhùn tí o ti tọwọ́ bọ̀ kì í sì yẹ̀, òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí nọ́ńbà RC wà nínú ìkéde rẹ. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè wá a lójú ewé CAC fúnra rẹ̀, á sì rí orúkọ tuntun níbẹ̀ láìpe ẹnikẹ́ni. Ti àdírẹ́sì kò le: láàárín 14 ọjọ́ tí o bá kó ni kí o fi tó CAC létí.

Báńkì ló kàn. Nọ́ńbà àkáǹtì oní-díjíìtì mẹ́wàá náà ni wàá máa lò, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló máa yí. Má kéde kí báńkì tó parí tiwọn. Oníbàárà tó bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì sórí fóònù rẹ̀ máa ń rí orúkọ kí ó tó fowó ránṣẹ́. Ká ní Lágbájá ni orúkọ àtijọ́, Tàmẹ̀dù ni tuntun: tí ìwé rẹ bá ní Tàmẹ̀dù, tí Lágbájá sì yọ lójú fóònù, ọwọ́ rẹ̀ máa dúró níbẹ̀ ni. Ní kí ẹnì kan tẹ nọ́ńbà náà, kó ka orúkọ tó rí fún ọ, kó pa á tì láìfowó ránṣẹ́. Ọjọ́ tó bá ka orúkọ tuntun ni ìkéde ṣẹ̀ṣẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Sọ̀wédowó èyíkéyìí tó bá ní orúkọ àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ, lọ fi í sí báńkì kí wọ́n tó yí orúkọ náà.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ kí a jókòó sí, torí ibẹ̀ ni ewu rẹ wà. Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ṣé ó di dandan kí nọ́ńbà yẹn yí padà? Tí ẹ ò bá jà túká, bẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ àtijọ́ kí ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ fóònù náà, kó fi síìmù náà sílẹ̀ fún ọ lórí NIN tìẹ. Ìdajì iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ á ti tán nìyẹn. Tí kò bá ṣeé ṣe, mọ̀ pé òun tí síìmù wà lórúkọ rẹ̀ lè gba síìmù míràn lórí nọ́ńbà náà nígbàkígbà tó bá wù ú, láìjalè. Yọ nọ́ńbà yẹn kúrò lára àkáǹtì báńkì àti ímeèlì rẹ lónìí, kì í ṣe lóṣù tó ń bọ̀, torí orí rẹ̀ ni kóòdù tí wọ́n fi ń wọlé ń bọ́ sí. Lórí Wọ́sáàpù, lọ sí Settings > Account > Two-step verification, kí o fi nọ́ńbà àṣírí sí i.

Tí síìmù náà bá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, darí ìpè tó bá wọ ibẹ̀ sí nọ́ńbà tuntun. Tẹ èyí lórí síìmù àtijọ́, kí o fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò NỌ́ŃBÀ. Ìlà kejì ni wàá fi pa á:

```
**21*NỌ́ŃBÀ#
##21#
```

Ìpè nìkan ló ń darí o, kì í darí àtẹ̀jíṣẹ́, síìmù àtijọ́ ló sì ń san owó ìdarí náà. Tí kò bá sí káàdì lórí rẹ̀, ìpè á máa kú sáfẹ́fẹ́, ìwọ á máa rò pé ọjà ló dákẹ́. Má jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ láìlò fún oṣù mẹ́fà pẹ̀lú, torí ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbà á padà, kí wọ́n wá tà á fún ẹlòmíràn.

Wọ́sáàpù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ra síìmù tuntun, wọ́n á ṣí Wọ́sáàpù tuntun, wọ́n á kó gbogbo oníbàárà sínú Broadcast, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde, kò ní sí ẹni tó fèsì. Ẹni tó ti tọ́jú nọ́ńbà rẹ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni Broadcast máa ń dé ọ̀dọ̀, kò sì sí ẹni tó tíì tọ́jú nọ́ńbà àná. Nítorí náà, má tíì ṣí Wọ́sáàpù kankan sórí nọ́ńbà tuntun. Ọ̀sẹ̀ kan kí o tó kó, láti orí nọ́ńbà àtijọ́, fi ìkéde ránṣẹ́ pẹ̀lú Broadcast méjì, torí ẹyọ kan kì í gbà ju 256 lọ. Ní kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà tuntun nísinsìnyí. Lọ́jọ́ tí o bá kó, lo Settings > Account > Change number, kí o sì yàn án pé kó fi tó àwọn ènìyàn rẹ létí. Gbogbo gúrúùpù á tẹ̀ lé ọ lọ. Àmọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn, nọ́ńbà àtijọ́ ti ṣófo lórí Wọ́sáàpù: ẹni tí síìmù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè ṣí tirẹ̀ síbẹ̀, kí oníbàárà rẹ máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí nọ́ńbà àtijọ́ máa dákẹ́ fi gbọ́dọ̀ hàn nínú ìkéde.

Nínú 300 yẹn, má fi ìwé kan náà bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀. Yọ àwọn tó jẹ ọ́ lówó àti àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣì wà lórí ẹ̀rọ sọ́tọ̀, wọn ò lè ju bíi 25 lọ. Pè wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ láti orí nọ́ńbà àtijọ́ kí wọ́n tó rí ìwé kankan. Ohùn rẹ tí wọ́n mọ̀ ju òǹtẹ̀ lọ. Àwọn tó ń tà bébà àti tàdáwà fún ọ tẹ̀ lé wọn, kí ọjà má lọ já sí Mókọ́lá. Àwọn yòókù, ímeèlì àti Wọ́sáàpù tó wọn. Inú Bcc ni kí àdírẹ́sì ímeèlì wọn wà, má fi sínú To. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo wọn á máa rí ara wọn, o sì ti fi ìwé oníbàárà rẹ lé ẹni tí ẹ jọ ń du ọjà lọ́wọ́. Fi ránṣẹ́ sí ènìyàn 50 lẹ́ẹ̀kan, kí ímeèlì rẹ má bàa bọ́ sínú àpótí pàǹtírí.

Ìwé náà kò gbọ́dọ̀ ju ojú fóònù kan lọ. Ó lè rí báyìí:

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, Ilé Ìtẹ̀wé Lágbájá ni yóò máa jẹ́ Ilé Ìtẹ̀wé Tàmẹ̀dù. Ilé-iṣẹ́ kan náà ni, nọ́ńbà RC wa kò yí padà: (ẹ kọ ọ́ síbí). A ń kó lọ sí Òkè-Àdó: (nọ́ńbà ilé, òpópónà, àjà kejì, ohun tó wà nítòsí). Nọ́ńbà tuntun wa ni (...). Ti àtijọ́ yóò ṣì máa wọlé títí di ọjọ́ (...). Nọ́ńbà àkáǹtì wa kò yí padà, a kò sì ní fi Wọ́sáàpù tàbí ímeèlì yí i padà láé. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ pe nọ́ńbà wa tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.*

Kíyè sí i pé kò sí ìdí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ fi lọ níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè, dá a lóhùn lórí fóònù. Tí o bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n máa rántí.

Ibì kan wà tí owó máa ń há sí tí ènìyàn kì í fọkàn sí. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan ti fún ọ ní ìwé LPO, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń gbéṣẹ́ fúnni, fún 2,000 ìwé àjákọ lórúkọ Lágbájá, o wá parí iṣẹ́ lẹ́yìn tí o ti di Tàmẹ̀dù. Tí o bá gbé ínfọ́ìsì Tàmẹ̀dù lọ, akọ̀wé ìṣirò owó wọn máa dá a padà, torí orúkọ tó wà lórí méjèèjì kò bára mu, ó sì lè tó oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún ọ. Kọ "Tàmẹ̀dù, tí a ń pè ní Lágbájá tẹ́lẹ̀" sórí ínfọ́ìsì náà, so ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí orúkọ tuntun mọ́ ọn, kí o sì kọ nọ́ńbà LPO náà síbẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì ní àwọn ò gbà, ní kí wọ́n tún LPO náà kọ, má bá wọn jiyàn. Má yọ "tí a ń pè tẹ́lẹ̀" yẹn kúrò lórí ínfọ́ìsì àti ìsàlẹ̀ ímeèlì rẹ kí ó tó pé ọdún kan.

Ní Mókọ́lá, tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé kí o lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn, kí o sì fi ogún káàdì sọ́wọ́ máígaàdì. Lórí àwòrán ilẹ̀ Google, àtúnṣe ni kí o ṣe sí èyí tó wà níbẹ̀, má ṣí tuntun, torí ọ̀rọ̀ rere tí àwọn ènìyàn ti kọ nípa rẹ kò ní tẹ̀ lé tuntun. Ímeèlì àtijọ́ tó bá wà lórí orúkọ ìkànnì tìẹ, máa sanwó rẹ̀ lọ fún ọdún méjì ó kéré tán. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn rẹ ni ìwé àwọn oníbàárà rẹ á máa wọlé tọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí o bá ti kó, wo àwọn 25 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí kò bá tíì pe nọ́ńbà tuntun nínú wọn, ìwọ ni kí o pè é láti orí rẹ̀.