Kí ló ń kú nínú bátìrì?

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Nílé wa ní Òmù-Àrán, tí tọ́ọ̀ṣì kò bá tàn mọ́, wọ́n á ní bátìrì ti kú. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kẹ́místrì mi, E° sínkì àti bàbà kì í kúrò ní 1.10. Kí ló wá kú?"

E ló ń kú. E° kì í kú, torí òṣùwọ̀n lásán ni: iye fólítì tí o máa rí nígbà tí áyọ́nù méjèèjì bá jẹ́ mólù 1 nínú lítà 1, ní 25 °C. E ni ohun tí mítà ń kà nísinsìnyí. Walther Nernst, onímọ̀ kẹ́místrì ará Jámánì, ló fi bí wọ́n ṣe tan mọ́ra hàn ní 1889:

```
E = 1.10 − (0.0592/2) × log Q
Q = [Zn2+]/[Cu2+]
```

Q ni iye áyọ́nù sínkì inú omi tí a fi ti bàbà pín. Àwọn irin méjèèjì kò sí nínú Q. Omi iyọ̀ wọn nìkan là ń kà.

Jẹ́ ká lò ó. Mólù 1 ni ẹgbẹ́ méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, omi wọn sì dọ́gba. Q jẹ́ 1, log rẹ̀ jẹ́ òfo, E sì jẹ́ 1.10. Lò ó títí tí áyọ́nù bàbà fi ku 0.001. Ti sínkì ti di 1.999, Q sì ti di 1999. Log rẹ̀ jẹ́ 3.30, nítorí náà E bọ́ sí 1.00. Wò ó dáadáa: bàbà inú omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, síbẹ̀ fólítì kò tíì já ju 0.10 lọ! Ìdí nìyí tí mítà nìkan kò fi lè sọ bí ẹ̀mí bátìrì yìí ṣe kù tó.

Ibẹ̀ ni agbára Gibbs, tí à ń kọ ní ΔG, ti wọlé:

```
ΔG = −nFE
```

n jẹ́ 2, iye ẹlẹ́kítírọ́nì tí áyọ́nù bàbà kan ń gbà; F ni iye iná tí mólù ẹlẹ́kítírọ́nì kan ń gbé. ΔG ń sọ iṣẹ́ tí mólù kan bàbà ṣì lè ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó jẹ́ −212 kJ, ní 1.00 fólítì ó jẹ́ −193 kJ. Bátìrì kú pátápátá nígbà tí E àti ΔG bá di òfo. Tí o bá fi òfo sí ipò E lókè, log Q á jẹ́ nǹkan bí 37. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìlọrin máa ń kọ ΔG° = 0 síbẹ̀. Àṣìṣe ni, ó ń dùn mí: òṣùwọ̀n ni ΔG° bíi E°, ó ṣì wà ní −212 kJ.

Ti tọ́ọ̀ṣì ilé yín, sínkì àti máńganíìsì ló wà nínú rẹ̀, òfin kan náà ló sì ń tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá sá a sóòrùn tó tún tàn díẹ̀, kò tíì kú nígbà yẹn. Ooru mú kí áyọ́nù rìn dáadáa sí i, ìdènà inú rẹ̀ sì dín kù, ṣùgbọ́n Q kò padà sẹ́yìn. Láti mọ̀ ọ́n, wọn fólítì rẹ̀ láìso gílóòbù mọ́ ọn, kí o tún wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gílóòbù. Bí èkíní bá dára tí èkejì já wálẹ̀ gan-an, ìdènà inú ló ń dá a dúró.