Kí ẹ tó tẹ Delete lórí ọjà tí kò tà mọ́

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lórí Etsy, ó tó ìdajì ọjà mi tí kò tà mọ́. Mẹ́ta nínú wọn, ọjà kan náà ni, àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ṣé kí n pa wọ́n rẹ́ kí n tún wọn gbé jáde ni, àbí kí n kó wọn pọ̀ sójú kan? Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rí táwọn oníbàárà kọ bá wọn lọ.”

Ẹ má tíì fọwọ́ kan `Delete` rárá. Mo ti tẹ̀ ẹ́ rí, ó sì dùn mí títí dòní.

Àpò awọ tí wọ́n ń ki ìwé ìrìnnà bọ̀ ni mò ń tà. Ojú-ewé èyí tó jẹ́ búráùn ló dàgbà jù lọ́wọ́ mi, ẹ̀rí 61 ló sì wà lára rẹ̀. Nígbà tó pé oṣù 3 tí ẹnikẹ́ni ò rà á, mo sọ fún ara mi pé ó ti gbó, pé bí mo bá gbé e jáde lákọ̀tun, Etsy á kà á sí ọjà tuntun, á sì gbé e síwájú. Ni mo bá tẹ `Copy`, mo gbé ẹ̀dà rẹ̀ jáde, mo sì pa ti àtijọ́ rẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn wò ó dáadáa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti pa lọ́lọ́, kò sì padà sí ibi tí ti àtijọ́ wà mọ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé nọ́ńbà ojú-ewé ló ń gbé gbogbo ìtàn ọjà náà. Ẹ wo àdírẹ́sì ọjà yín lókè ibi tẹ́ ẹ ti ń wò ó, bó ṣe máa ń rí nìyí:

```
etsy.com/listing/1234567890/
```

Nọ́ńbà yẹn ni títà àtijọ́ so mọ́, òun náà ni gbogbo ẹni tó tẹ àmì ọkàn sí ọjà náà so mọ́, àti ẹ̀rí tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ẹ lè yí àkọlé padà, ẹ lè pààrọ̀ gbogbo àwòrán, nọ́ńbà náà ò ní kúrò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tuntun ni `Copy` máa ń fún yín, òfìfo ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹ̀rí 61 mi ò kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù o. Àmọ́ ẹni tó bá ṣí ojú-ewé tuntun yẹn ò rí ẹ̀rí kankan tó jẹ́ ti àpò náà gan-an. Ẹni tó sì ti fi àmì ọkàn pa á mọ́ de ọjọ́ tówó bá dé, ọjà tó sọnù ló bá. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ gba èyí tí mo parẹ́ yẹn padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ọjà kan kúrò lójú ọjà, `Deactivate` ni kẹ́ ẹ lò, tàbí kí ẹ ní kí Etsy má sọ ọ́ dọ̀tun fúnra rẹ̀ mọ́, kí oṣù 4 rẹ̀ pé kó sì dákẹ́. Ọ̀nà méjèèjì ló pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá èyí tí àkókò rẹ̀ ti pé padà, ẹ tẹ `Renew`, ẹ san sẹ́ńtì 20 ti dọ́là, á sì bá ìtàn rẹ̀ níbi tó fi í sí. Òótọ́ ni pé Etsy máa ń ti ọjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ dọ̀tun síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n fún ìgbà kúkúrú ni. Ohun tó tàn mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn nìyẹn. Ẹ má fi owó lépa rẹ̀.

Kí ẹ tó pinnu pé ọjà kan ti kú, ẹ ṣí `Stats` rẹ̀, ẹ fi oṣù yìí wé oṣù yìí kan náà lọ́dún tó kọjá, ẹ má fi wé oṣù tó lọ. Ìgbà tí mo wá ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo rí i pé ọdọọdún ni àpò ìwé ìrìnnà máa ń dákẹ́ lásìkò yẹn. Ọjà mi ò kú, àsìkò ìrìnàjò ni kò tíì dé. Bí ẹ bá rí i pé àwọn tó ń wò ó ò dín kù ṣùgbọ́n wọn ò rà á, ẹ wo iye owó rẹ̀, owó ìfiránṣẹ́ àti àwòrán. Bí àwọn tó ń wò ó bá ti dín kù gan-an, àkọlé àti táàgì 13 rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ yí ẹyọ kan, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó yí òmíràn, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò rà rí, tí ẹ̀rí kankan ò sì sí lára rẹ̀ láti ọdún kan, ẹ lè mú ìyẹn kúrò láìbẹ̀rù.

Ó wá ku ti mẹ́ta tó jọra. Etsy ò ní bọ́tìnnì tó ń da ojú-ewé pọ̀, àwa fúnra wa la máa yan èyí tó máa kù. Kókó tí mo rọ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà ń tẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan. Ó wà nínú `Stats` ọjà náà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló ń mú èèyàn wá sórí méjì nínú wọn, ara wọn ni wọ́n ń bá jà, ẹ da wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń pe èèyàn wá, ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ ni, ẹ má tì í.

Lẹ́yìn àṣìṣe yẹn, mo tún ní àpò irú kan mìíràn lójú-ewé mẹ́ta. Búráùn ní ẹ̀rí 48, dúdú ní 9, aláwọ̀ ewé ò ní kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń rí aláwọ̀ ewé ò yàtọ̀ sí ti búráùn rárá. Dúdú ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń wá a fún ẹ̀bùn ọkùnrin. Mo fi aláwọ̀ ewé kún ojú-ewé búráùn gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ tí oníbàárà lè yàn lábẹ́ `Variations`, mo so àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè jáde bí wọ́n bá yàn án, mo sì kọ iye tó wà nílẹ̀ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo yọ táàgì méjì tí kò wúlò mọ́, mo fi ti aláwọ̀ ewé rọ́pò wọn. Ẹ̀yìn tí mo ra ọ̀kan wò bí oníbàárà, dé ibi ìsanwó, ni mo tó tẹ `Deactivate` lórí ojú-ewé aláwọ̀ ewé. Dúdú, mo fi í sílẹ̀.

Ohun kan tí mi ò ní ṣe láé ni kí n kó ọjà tó yàtọ̀ pátápátá sínú ojú-ewé tó ní ẹ̀rí 48. Àpò làwọn èèyàn yẹn jẹ́rìí sí. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ wọn lórí ìgbànú, irọ́ la pa fún un.

Ẹ fún èyí tó kù ní oṣù kan, kí ẹ ka iye tó tà, kí ẹ fi wé àpapọ̀ ohun tí méjèèjì ń tà tẹ́lẹ̀. Bó bá wálẹ̀, ẹ lọ sí `Inactive`, ẹ gbé èyí tẹ́ ẹ fi pa mọ́ padà síta. Ó ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.