Ṣé ká tẹ bọ́tìnnì CAL ká tó yẹ bálánsì wò láàárọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Lábù ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní Ọbáńtokò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bálánsì onídẹ́símà mẹ́rin la ń lò. Láràárọ̀ tí mo bá gbé wéètì 100 gíráàmù sí i, 99.9987 ló sábà máa ń kà. Ọ̀gá mi wá ní kí n máa tẹ CAL ná kí n tó gbé wéètì sí i, kí ìwé wa lè mọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é?

Ìdáhùn: Rárá o, àbúrò mi. Tóo bá kọ́kọ́ tẹ CAL, o ti pa ẹ̀rí rẹ́ nìyẹn. Bálánsì á tún ara ẹ̀ ṣe, wéètì á ka dáadáa, ìwé á mọ́ lóòótọ́, àmọ́ o ò ní mọ̀ mọ́ bóyá ohun tẹ́ ẹ wọ̀n lánàá tọ̀nà. Ṣebí wéètì àárọ̀ yìí ló ń jẹ́rìí iṣẹ́ àná. Kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kọ ohun tóo rí sílẹ̀ bó ṣe rí, kóo tó fọwọ́ kan CAL.

Ohun tí màá kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé ìgbà wo niná dé. Abẹ́òkúta tá a wà yìí, wọ́n lè múná lọ mọ́jú, o dé lábù láago méje ààbọ̀, o tan bálánsì, láago mẹ́jọ o ti gbé wéètì sí i. Bálánsì tútù ṣì ni o. Onídẹ́símà mẹ́rin gbọ́dọ̀ wà lórí iná fún wákàtí kan ó kéré tán, àwọn míì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwé tó bá a wá á sọ fún ẹ. Tẹ́ ẹ bá ní ínfátà, ẹ jẹ́ kó máa gbé e mọ́jú. Ẹ má yọ ọ́ lára iná nírọ̀lẹ́, ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ kójú ẹ̀ kú, inú ẹ̀ á ṣì máa gbóná.

Tó bá ti gbóná, wo atẹ́gùn róbótó tó ń léfòó nínú omi gíláàsì kékeré yẹn bóyá ó wà láàárín òrùka, fi bọ́rọ́ọ̀ṣì nu àwo ẹ̀, ti ilẹ̀kùn ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mú un wá sí 0.0000. Ẹ̀gbẹ́ bálánsì ni kí páálí wéètì sùn mọ́jú, torí wéètì tó bá gbóná ju yàrá lọ á máa ti atẹ́gùn sókè lára ẹ̀, ó sì máa ka fúyẹ́. Fóòsẹ́ẹ̀pù ni kóo fi mú un, má fọwọ́ kàn án rárá. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wéètì wa fi ń ka wúwo, à ń bú bálánsì, àṣé ẹnìkan ló ń fi ọwọ́ tó jẹ àkàrà mú un.

Gbé e sí àárín àwo, dúró kí nọ́ńbà dúró, kọ ọ́. Lẹ́yìn náà gbé e kúrò kóo sì wò ó bóyá ó padà sí 0.0000, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sáré kọjá. Má sì fi 100.0000 ṣe òṣùwọ̀n, iye tó wà nínú sàtífíkéètì wéètì yẹn ni kóo fi wé. Ká ní 100.0002 ló wà níbẹ̀, 99.9987 tìẹ ti dín mílígíráàmù 1.5. Tí ààlà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bá jẹ́ mílígíráàmù 1.0, ó ti já nìyẹn.

Tó bá já, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí òdo ò bá padà tàbí tí nọ́ńbà ń yí kiri, wo éésì, fáànù, ilẹ̀kùn, tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń mi tábìlì. Tí òdo bá padà dáadáa tí àìtọ́ náà sì ń jẹ́ iye kan náà, bálánsì fúnra ẹ̀ ló ti yẹ̀, bóyá ẹnìkan ti gbé e kúrò láyè ẹ̀. Má fi wéètì 1 gíráàmù nìkan yẹ̀ ẹ́ wò o, irú àìtọ́ yìí máa ń pọ̀ sí i bí ẹrù ṣe ń wúwo ni: 1.5 lórí 100 gíráàmù ò ju 0.015 lórí 1 gíráàmù, ojú bálánsì ẹ ò lè fi ìyẹn hàn.

Ìgbà yìí ni CAL tó kàn. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé o tẹ̀ ẹ́, àti aago tóo tẹ̀ ẹ́. Tí tìyín bá jẹ́ èyí tó ń béèrè wéètì láti ìta, ẹ fi wéètì míì ṣe é, kẹ́ ẹ wá fi ti àràárọ̀ yẹn dán an wò. Tó bá ṣì já, lẹ ìwé "má lò ó" mọ́ ọn. Ì báà yege ì báà já lẹ́yìn CAL, ṣí ìwé àná, kóo máa wo gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti wọ̀n látàárọ̀ tó ti yege kẹ́yìn.