Ẹ fi títóbi lẹ́tà sílẹ̀ ná, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo ṣe áàpù kan fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní àwọn ò rí ohun tí mo kọ síbẹ̀ kà. Mo ti sọ lẹ́tà rẹ̀ di 20 px, wọ́n ṣì ń ráhùn. Ṣé kí n sọ ọ́ di 24? Fọ́ọ̀mù orí ìwé náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ó ti sú mi kí wọ́n máa sọ pé ojú àgbàlagbà kò fẹ́ ju lẹ́tà gbàǹgbà lọ. Nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, àwọ̀ eérú #999999 lẹ fi kọ̀wé sórí funfun. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà, ọmọlójú rẹ̀ kì í fẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, awò inú ojú náà a sì máa ṣú, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á wá dín kù. Lẹ́tà tó ti ṣá, bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, ó kàn di lẹ́tà ńlá tó ti ṣá ni. Ìlànà WCAG, tó wà kí gbogbo èèyàn lè rí ìkànnì àti áàpù lò, fi nọ́ńbà wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀, láti 1 dé 21. Dúdú lórí funfun ló jẹ́ 21. Lẹ́tà kékeré gbọ́dọ̀ tó 4.5, èyí tó bá tó 24 px gbọ́dọ̀ tó 3. Tiyín kò ju nǹkan bíi 2.85 lọ. Ẹ sọ ọ́ di 24, á ṣì kùnà. Ẹ lo #595959, ẹ ti dé 7 nìyẹn, ẹ ò sì ní fọwọ́ kan títóbi rẹ̀. Bí ẹ bá tún fẹ̀ ẹ́ sí i, bọ́tìnnì “Tẹ̀síwájú” á bọ́ sísàlẹ̀ ojú fóònù, wọn ò sì ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo tún rí i pé inú àpótí lẹ kọ “Nọ́ńbà fóònù” sí. Bí bàbá bá ti tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà á pòórá. Kí ẹnì kan ṣáà pè é lórí fóònù lásìkò náà, tó bá padà dé, kò ní mọ ohun tí àpótí ń béèrè. Ẹ gbé e sókè àpótí, kó dúró síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ sábẹ́ gbogbo àmì, kí “Padà” sì wà lójú kan náà ní gbogbo ojú ewé.

Ti orí ìwé: dúdú, 14 pt, lórí ìwé tí kì í dán, torí ìwé dídán máa ń ta ìmọ́lẹ̀ sí wọn lójú. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Ohun tó bá pòórá níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn bàbá àti ìyá yẹn má rí i látìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye o, ṣùgbọ́n á tètè tú àṣírí.

Ẹni tí kò bá wá rí dúdú lórí funfun kà pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ tún áàpù ṣe nítorí rẹ̀. Ẹ ní kó lọ rí dókítà ojú.