Ẹ ka oṣù mọ́ owó kí ẹ tó pín èrè

"A fẹ́ fi iye tí kálukú dá pín èrè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, àmọ́ oṣù kẹwàá lẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó owó ńlá wá. Ṣé òun ló máa gbà jù ni?"

Rárá o. Ẹ fi iye oṣù tí owó kálukú fi wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ sọ owó náà di púpọ̀, kí ẹ fi ìyẹn pín in.

Ká ní ẹnì kan ní 1,000 láti oṣù kìíní: lọ́nà 12, ó di 12,000. Ẹnì kejì ní 2,000: 24,000. Ẹni tó kó 4,000 wá níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ní oṣù 3 péré: 12,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48,000. Bí èrè tó kù lẹ́yìn ìnáwó àti owó ìpamọ́ bá jẹ́ 960, wọn á gba 240, 480 àti 240. Ká ní iye owó nìkan lẹ wò ni, ẹni ìkẹta ì bá kó nǹkan bí 549, èyí tó jẹ́ ìrẹ́jẹ gbáà lójú tèmi.

Ìgbà tí èrè bá wá láti orí owó tí ẹ ń yá ara yín nìyẹn ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọjà lẹ jọ ń tà, iye tí kálukú rà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ wò, bí ẹgbẹ́ Rochdale tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Íńgíláǹdì lọ́dún 1844 ti ṣe.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀.